Nígbà tí Orí Síìpù Bá Gbé Láínì Mì

Ọjọ́ Ẹtì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ẹ̀wù léèsì aláwọ̀ míìkì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án òní. Ọ̀la ni ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó ń wọ̀ ọ́ wò nílé, síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ há sí ibi ìbàdí, kò lọ sókè, kò sì padà sílẹ̀, débi pé láti orí ni ó ti bọ́ ẹ̀wù náà. Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gé e o.” Mo fi í lọ́kàn balẹ̀ pé a kò tíì dé orí gígé. Ohun tí ó ti ṣe dáadáa ni pé kò fi agbára fà á mọ́ nígbà tí ó rí i pé ó há, nítorí bí a bá ṣe ń fa orí síìpù síwájú tó nígbà tí aṣọ wà lẹ́nu rẹ̀ ni aṣọ náà ń wọ inú rẹ̀ lọ tó.

Síìpù tí kì í hàn síta ni, irú èyí tí eyín rẹ̀ jẹ́ okùn ọ̀rá tí a ká tí ó sì kọjú sínú ẹ̀wù. Nítorí náà, bí ènìyàn bá dúró síta tí ó ń wo ahọ́n tí a fi ń fà á, kò lè rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo yí ẹ̀wù náà padà, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì tan iná fóònù sí i. Láínì, aṣọ tí a fi tẹ́ inú ẹ̀wù, ni orí síìpù gbé mì lápá òsì. Ó ti ṣẹ́po sí méjì, ìṣẹ́po náà sì wọlé bí ìbú èékánná ìka kékeré. Apá ọ̀tún mọ́ tónítóní. Ìyẹn ṣe pàtàkì púpọ̀, nítorí ẹni tí kò bá mọ apá tí aṣọ ti wọlé yóò kàn máa fà káàkiri ni.

Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kí ó wá wò ó. Orí síìpù ní ẹnu méjì lókè, irin ṣóńṣó kékeré kan sì wà láàárín wọn. Eyín apá kọ̀ọ̀kan ń gba ẹnu tirẹ̀ wọlé, wọ́n sì ń jáde pọ̀ láti ẹnu kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ní dídì mọ́ra. Àyè tí ó wà nínú irin náà kò ju ohun tí eyín nìkan lè gbà lọ. Bí ìṣẹ́po aṣọ bá bá eyín wọlé, àárín eyín àti ògiri irin ni yóò há sí. Ẹnu òkè ni láínì yìí gbà wọlé nígbà tí wọ́n ń fa síìpù sókè, ẹnu òkè náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gbà jáde. Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni pé kí orí síìpù máa sọ̀ kalẹ̀, kí a sì máa fa láínì sókè àti síhà òsì, kí ó lè kúrò lọ́dọ̀ eyín.

Ọmọ iṣẹ́ mi béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n bu òróró ẹ̀rọ díẹ̀ wá?” Rárá o. Òróró yóò ràn mọ́ léèsì, kò sì ní kúrò títí di ọ̀la. Ọṣẹ funfun gbígbẹ ni mo mú, mo fi etí rẹ̀ pa eyín síìpù náà nísàlẹ̀ ibi tí ó há sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa ọṣẹ sókè, bẹ́ẹ̀ sì ni ìsàlẹ̀ ni orí síìpù ń lọ, níbẹ̀ ni ó ti nílò kí ọ̀nà yọ̀. Àbẹ́là náà dára, ṣùgbọ́n ó lè fi àmì sára láínì tó ń dán. Dúdú inú pẹ́ńsùlù dára fún eyín onírin, ṣùgbọ́n yóò dọ̀tí sí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí èyí.

Ìka méjì ni mo fi di láínì mú, nítòsí ẹnu irin gan-an. Bí a bá di í mú lókèèrè, aṣọ nìkan ni yóò máa nà, ìṣẹ́po inú kò sì ní mira. Ọwọ́ kejì ni mo fi di ara orí síìpù fúnra rẹ̀, kì í ṣe ahọ́n rẹ̀, nítorí ahọ́n irú síìpù yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè já. Mo na láínì díẹ̀, mo ti irin náà sísàlẹ̀ níwọ̀n eyín kan, mo sinmi, mo tún un ṣe. Ní àkọ́kọ́, kò sí ohun tí ó hàn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà kan tó ń dán lára láínì níbi tí irin ti tẹ̀ ẹ́, ìlà náà sì ń jáde bọ̀ síta bí fọ́nrán òwú kan lé òmíràn. Bí a bá rí i, ìgbà náà ni a mọ̀ pé a wà lójú ọ̀nà, sùúrù ló sì kù. Ṣùgbọ́n bí fọ́nrán aṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí ya ara wọn, tí iná ń gba àárín wọn kọjá, kí a dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó dé ibì kan tí ó tún fẹ́ kọ̀. Mo mú abẹ́rẹ́ ńlá, mo fi ìdí rẹ̀ tí ihò wà, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀, wa igun ìṣẹ́po náà jáde ní ẹnu irin. Ṣóńṣó yóò gún aṣọ, yóò sì fa òwú rẹ̀ yọ. Òwú méjì tó ti tú tẹ́lẹ̀ wé mọ́ eyín. Sísọ́ọ̀sì kékeré ni mo fi gé wọn, n kò fi kan láínì fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe tún ti irin náà sísàlẹ̀ báyìí, láínì jáde pátá, orí síìpù sì yọ̀ wálẹ̀ dé ìdí.

Mo fà á sókè-sílẹ̀ láti wò ó bóyá eyín ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Kò ṣí. Bí ó bá ṣí ni, ẹnu irin ti fẹ̀ nìyẹn, n ó fi pílíà fún etí rẹ̀ méjèèjì díẹ̀ nísàlẹ̀, níwọ̀nba, nítorí bí a bá fún un jù, kò ní rìn mọ́. Àwọn kan a máa fi sikirudiráfà la ẹnu irin kí aṣọ lè tètè jáde. Èmi kì í ṣe é àfi bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, nítorí irin tí a bá ti là kì í sábà di eyín dáadáa mọ́. Nígbà náà, ó sàn kí a gé orí síìpù náà dànù, kí a fi òmíràn tí nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ bá tirẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀.

Iṣẹ́ kò tíì parí síbẹ̀. Ẹni tó rán ẹ̀wù náà mú láínì sún mọ́ eyín jù, òwú tó fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀já síìpù sì ti tú níbi ìbàdí, tí aṣọ ń fún jù lọ. Ó yẹ kí àyè bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Mo ká etí láínì sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ lápá òsì, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀já náà pẹ̀lú ojú rírán wẹ́wẹ́, láti ìdí dé òkè. Mo ṣe apá ọ̀tún bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì há rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún ẹ̀wù náà wọ̀ níwájú mi, mo fi ìka kan ti láínì sẹ́yìn bí mo ti ń fà á lọ, síìpù náà sì dé ọrùn láìdúró.