Páílọ́ọ̀tì náà nílò àṣẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú Orí Kẹta

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tí ẹ ń kọ Orí Kẹta ìwé másítà lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ìwádìí mi dá lórí ìdí tí àwọn ìyá fi ń pa àjẹsára ọmọ tì, ní Ṣàgámù níbí. Ìyá 400 ló wà nínú ìwé orúkọ. Mo fi n = N / (1 + Ne²) ṣírò iye ìyá tí màá bi ní ìbéèrè, pẹ̀lú e = 0.05, ó fún mi ní 200. Súpáfáísọ̀ mi wá ní kí n kọ́kọ́ dán ìwé ìbéèrè wò lára ìyá 20 ní Ìkẹ́nnẹ́, pé páílọ́ọ̀tì lásán kò kan ìgbìmọ̀ ẹ́tíìkì.

Mo lọ. Àwọn ìyá dá mi lóhùn dáadáa, ẹlòmíràn tiẹ̀ fi àtẹ ata sílẹ̀ nítorí mi. Áfà Krọ́ńbáàkì jẹ́ 0.81, mo sì fi ayọ̀ kọ ọ́ sínú Orí Kẹta kí n tó gbé fáìlì lọ fún ìgbìmọ̀. Òun gan-an ló kó mi sí wàhálà. Èsì áfà kì í jáde bí ẹnikẹ́ni kò bá tíì dáhùn! Lẹ́tà wọn ní mo ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn kí àṣẹ tó wà, àti pé àwọn kì í fọwọ́ sí ohun tí a ti ṣe kọjá. Ìwé 20 yẹn di aláìwúlò. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ka lẹ́tà náà lákàtúnkà, akọ̀wé wọn ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà, ṣé kí n bá yín wá ọ̀rá tí ẹ máa kó fáìlì sí?" Omi bọ́ lójú mi. Mo ṣì ń bu ọlá fún súpáfáísọ̀ mi o, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló wà lórí lẹ́tà.

Mo tún un kọ, "a ó ṣe" ni mo fi kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n tún fàlà sábẹ́ "a ó gba ìyọ̀ǹda". Ta ló máa gbà á, níbo, ní èdè wo? Mo kọ ọ́ báyìí: fọ́ọ̀mù máa wà ní Yorùbá, ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ á sì tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí a lè fi wéra. Ìyá tí kò mọ̀wé á tẹ̀ka níwájú ẹlẹ́rìí tó mọ̀wé, tí kì í ṣe ọ̀kan nínú wa. Ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́ ti bi mí pé, "Nọ́ọ̀sì, tí mi ò bá ṣe é, ẹ ò ní fi ọmọ mi sẹ́yìn?" Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ pé olùrànlọ́wọ́ tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù ló máa bá wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gba abẹ́rẹ́ tán.

Ẹ tún rántí páílọ́ọ̀tì o! Nígbà tí mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, tí mo yọ ìbéèrè méjì kúrò, mo dá ìwé ìbéèrè náà padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kí n tó wọ Ṣàgámù.