Ibi Tí Máàkì Kan Gbà Sọnù

Mo ń kọ́ ìṣirò ní ilé-ìwé girama kan ní Kubwa, l'Ábújá, nígbà tí ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kó ìwé tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta wá bá mi. Aṣọ ló ń tà lọ́jà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ro eléyìí. Ọmọ mi gba 16, 13 àti 19, ọgbọ̀n-ọgbọ̀n ni wọ́n. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ó di 16. Kí ló dé tí ẹ kọ 15?"

Mo ti fẹ́ jiyàn kí n tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ẹnu mi wọhò.

Ní ilé-ìwé wa, a máa ń pín tẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta kó lè di máàkì mẹ́wàá. Tirẹ̀ jẹ́ 5.33, 4.33 àti 6.33. Èmi ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di odidi kí n tó rò wọ́n pọ̀: 5, 4, 6. Ìdá kan nínú mẹ́ta tí mo jù nù lẹ́ẹ̀mẹta, odidi máàkì kan ni. Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ jẹ́ 6, ìdánwò jẹ́ 28 nínú 60. Bí 50 ṣe di 49 nìyẹn, tí C6 di D7, kírẹ́díìtì sì bọ́.

Ohun tó fà á gan-an ni pé mo kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn pọ́ìntì pamọ́ lójú kọ̀ǹpútà lásán. Ojú rẹ̀ ń fi 5, 4, 6 hàn, àpapọ̀ sì ń jẹ́ 16, nítorí nọ́ńbà tòótọ́ ṣì wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ní àròpọ̀ mi kò péye. Kí ó lè bára mu, mo fi `ROUND`, tó ń sọ nọ́ńbà di odidi, sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan; B2, C2 àti D2 ni tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, E2 ni iṣẹ́ àṣetiléwá, F2 ni ìdánwò:

```
=ROUND(B2/3,0)+ROUND(C2/3,0)+ROUND(D2/3,0)+E2+F2
```

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yẹ kó wáyé, lópin:

```
=ROUND((B2+C2+D2)/3+E2+F2,0)
```

Ẹ má wulẹ̀ ro ti gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí a bá pín nọ́ńbà odidi sí mẹ́ta, tí a sọ ọ́ di odidi, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta kò lè ṣì ju máàkì kan. Nítorí náà, àwọn tó wà létí ààlà nìkan ni mo yẹ̀ wò: 49 àti 50, 54 àti 55, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ọmọ mìíràn tó gba 17, 20 àti 14. 17 ló tọ́ sí i, àmọ́ 18 ni mo kọ, nítorí 5.67, 6.67 àti 4.67 gbéra sókè lápapọ̀. 50 tó gbà, 49 ni. Ìyá tirẹ̀ kò wá, ta ni yóò wá? Ọ̀gá ní ká gbé ti àkọ́kọ́ sókè, ká má sì já ti èkejì wálẹ̀, nítorí àṣìṣe wa ni, èsì sì ti jáde. Kò tẹ́ mi lọ́rùn tán, ṣùgbọ́n n kò rí èyí tó sàn jù ú.

Ẹ ṣọ́ ìpíndọ́gba ọdún náà. Bí gbogbo ẹ̀kọ́ tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta bá fún ọmọ ní ìpíndọ́gba 49.46, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ ọ́ ní 49.5 yóò sọ ọ́ di 50 nígbà tó bá yá. 49 ni.