Ọ̀gá tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí lẹ́tà àforíjì lédè Jàpáànì

Inú mi ò tíì rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi bí mo bá sọ ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ fún ilé-iṣẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ ó ṣe iṣẹ́ yín parí, ẹnìkan yóò fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín, ẹ̀yin náà ni wọ́n ó sì pè nígbà tó bá bàjẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń ta ẹ̀yà ara ẹ̀rọ fún àwọn aṣoúnjẹ kan ní Ósákà ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Fáàfù tí wọ́n kó ránṣẹ́ ń jò, ẹ̀rọ sì dúró ní Ósákà. Lẹ́tà àforíjì náà ò gùn. Gbólóhùn kan láàárín rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀: ọ̀gá àgbà wa ní kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti dun òun tó, òun fúnra rẹ̀ yóò sì wá sí ọ́fíìsì yín lóṣù tó ń bọ̀.

Mo fi mooṣite orimasu túmọ̀ “sọ”, mo fi ukagaimasu túmọ̀ “wá”. Kẹnjoogo ni méjèèjì, ìyẹn èdè tí ènìyàn fi ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo kọ ipò ọ̀gá àgbà, mo kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e ní gbẹrẹfu, láìsí san, láìsí sama, àwọn ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, mo sì fi àlàyé sí etí ìwé fún wọn. Mo ní kí n sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mi ò ṣàlàyé.

Ẹnìkan ní ọ́fíìsì Lọ́ńdọ̀nù tó ti kọ́ díẹ̀ nínú èdè náà rí orúkọ ọ̀gá rẹ̀ ní ìhòòhò, àyà rẹ̀ já. Ó fi sama sí i. Ó pa àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mi rẹ́, ó fi oṣṣaru rọ́pò “sọ”, ó fi iraṣṣaru rọ́pò “wá”. Sonkeego nìyẹn, èdè tí a fi ń gbé ẹlòmíì ga. Wọn ò fi hàn mí kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ Lọ́ńdọ̀nù náà ní Tókíò ló pè mí. Obìnrin náà ò pariwo, bí ó bá pariwo ì bá sàn fún mi. Ó kí mi dáadáa, ó dákẹ́, ó wá ní àwọn ará Ósákà ti fèsì. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà gbà, àwọn sì ń dúró de àforíjì. Ohun tí wọ́n sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá àwọn ará Jàpáànì ṣòwò mọ bí irú èsì bẹ́ẹ̀ ṣe wúwo tó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà náà fún mi lórí fóònù, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dé ibi oṣṣaru, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tó dé iraṣṣaru, ó dúró, ó bi mí pé, “Ṣé ẹ̀yin lẹ túmọ̀ eléyìí?” Orúkọ mi ló wà lórí ìwé iṣẹ́ náà. Mo ní èmi ni, mo tún ní èmi kọ́, kò sì sí èyí tó dùn ún gbọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tí lẹ́tà yẹn sọ létí ará Ósákà ni pé: ọ̀gá wa ọlọ́lá jùlọ ti ṣe wá lóore, wọ́n gbẹnu sọ̀rọ̀ nípa yín, wọn yóò sì yọjú sí yín. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni a fi sílẹ̀, tí a wá ń gbé ẹni tó ṣẹ̀ gẹ̀gẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi lè ṣòro fún àwa Yorùbá gan-an. Lọ́dọ̀ wa, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàbá mi fún àlejò, “wọ́n” ni. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀gá mi fún oníbàárà, “wọ́n” náà ni, ipò onítọ̀hún kì í yí padà nítorí ẹni tó ń gbọ́. Ní Jàpáànì, ó ń yí padà. Bí mo bá wà nínú ọ́fíìsì, sonkeego ni fún ọ̀gá mi. Ní kété tí mo kọjú sí ará ìta, èmi àti ọ̀gá mi di ọ̀kan náà, gbogbo wa la jọ dọ̀bálẹ̀. Nínú lẹ́tà àforíjì, ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀gá gan-an ni oníbàárà fẹ́ rí.

Mo tún lẹ́tà náà kọ lóru, wọ́n fi ránṣẹ́, ará Ósákà gbà á, iṣẹ́ wọn sì ń lọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Kí n tó túmọ̀ ohunkóhun, mo máa ń kọ sórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan ẹni tó ni ín: tiwa tàbí tiwọn. Tiwa, kẹnjoogo, ì báà ṣe ọ̀gá àgbà, ì báà ṣe awakọ̀. Tiwọn, sonkeego. Nígbà míì ó rọrùn kí ẹ yí gbólóhùn padà kó lè di tiwa. “Àwọn ẹnjiníà yín sọ fún wa” lè di gorenraku o itadaita, pé àwa la gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Go tó wà níwájú ń gbé ọ̀rọ̀ wọn ga, itadaita ń rẹ̀ wá sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú irú kẹnjoogo tí ẹ ń lò. Ìlànà tí ìgbìmọ̀ ìjọba Jàpáànì lórí àṣà gbé jáde ní 2007 pín in sí méjì. Ọ̀rọ̀ méjì wà fún “lọ” tàbí “wá”: ukagau, tí ukagaimasu ti jáde, ń bọ̀wọ̀ fún ibi tí à ń lọ, mairu ń bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ nìkan. Lẹ́tà yẹn tún sọ pé ọ̀gá àgbà yóò lọ ṣàyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ tiwọn, níbi tí wọ́n ti ṣe fáàfù náà. Bí ẹ bá fi ukagau kọ ìyẹn, ilé-iṣẹ́ tiyín tó ṣe fáàfù jíjò lẹ ń forí balẹ̀ fún. Mairu ni. Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ṣì ń sọ: tiwa ò gbọdọ̀ ga.

Àṣejù náà ń ba nǹkan jẹ́. Oṣṣarareru, oṣṣaru tí a tún fi ìparí ọ̀wọ̀ kún, jẹ́ ọ̀wọ̀ méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, kì í ṣe ọ̀wọ̀ púpọ̀. Sasete itadaku ní ìtumọ̀ pé ẹ gbàyè kí ẹ tó ṣe nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ kó fáàfù tó bàjẹ́ padà, ta lẹ fẹ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀? Itaṣimasu, “ṣe” ti kẹnjoogo, tó. Fún àforíjì gan-an, fukaku owabi mooṣiagemasu, ìyẹn a tọrọ àforíjì tọkàntọkàn, ni kí ẹ lò. Ẹ jìnnà sí ikan, ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò dára, kò sọ pé ẹ jẹ̀bi. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ìparí tó ń dúpẹ́ pé wọn yóò gbọ́ wa yé, mo máa ń yọ ọ́ kúrò, nítorí kò sí ipele ọ̀wọ̀ tó lè tún un ṣe. Mo máa ń sọ fún oníbàárà pé mo yọ ọ́.

Orúkọ ọ̀gá ni wọ́n sì máa ń jà lé lórí jù. Mi ò jiyàn mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ìkànnì ilé-iṣẹ́ Jàpáànì ńlá èyíkéyìí tó ti tọrọ àforíjì rí, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí, kí wọ́n wá sama níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀dà ìkẹyìn ránṣẹ́ sí mi kí ó tó jáde. Bí wọn ò bá gbà, orúkọ mi ò ní sí lórí rẹ̀.