Gíga tí mo kọ sínú ètò kọ́ ni gíga tí dróònù mi fò

Máàpù oko àkọ́kọ́ tí mo fi dróònù ṣe, ihò ló wà níbi tí orí oko yẹ kó wà. Oko àgbàdo ni, hẹ́kítà 12, gígùn rẹ̀ 400 mítà, ìbú rẹ̀ 300 mítà. Bí èèyàn bá ń la ìbú yẹn kọjá, ńṣe ló ń gun òkè díẹ̀díẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ oko náà hàn kedere lórí máàpù, mo lè ka ebè níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ṣe ń lọ sókè ni nǹkan ń dàrú: ebè kan á di méjì, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ tààrà á ṣàdédé já, á tún bẹ̀rẹ̀ níwájú ní ìgbésẹ̀ méjì sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó fi máa dé orí òkè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, òfìfo ni.

Ohun tó dùn mí ni pé fọ́tò ibẹ̀ wà. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó ṣú tàbí tó ṣe bàìbàì. Mo bá dá sọ́fítíwíà tó ń rán fọ́tò pọ̀ di máàpù lẹ́bi. Òru mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún àwọn fọ́tò náà rán pọ̀, tí kọ̀ǹpútà ń ké bí ẹ̀rọ ata, ihò náà kò sì kúrò lójú kan. Inú ètò ìfò tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ni ẹ̀bi wà.

Ẹni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń to páànù sórí ilé á tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Páànù kan gbọ́dọ̀ gun èkejì dáadáa kí òjò má bàa rí àyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò dróònù. Sọ́fítíwíà kò mọ oko yín, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá àmì kan náà nínú fọ́tò púpọ̀: kùkùté kan, etí ebè kan, òkúta kan. Ó fẹ́ rí àmì yẹn nínú fọ́tò bíi márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dá a lójú ibi tó wà. Ìdí nìyẹn tí áàpù tí mo fi ń ṣètò ìfò fi ń béèrè bí fọ́tò ṣe máa gun ara wọn tó, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo kọ 60 mítà síbi gíga, mo ní kí fọ́tò gun èyí tó wà níwájú rẹ̀ ní ìdá 75 nínú 100, kó gun ti ẹ̀gbẹ́ ní ìdá 70. Nínú kámẹ́rà mi, àwo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 13.2, ó ga ní 8.8. Àyè tí wọ́n kọ pé ó wà láàárín gíláàsì àti àwo yẹn náà jẹ́ 8.8. Láti ibẹ̀, ìṣirò rẹ̀ kò le:

```
60 × 13.2 ÷ 8.8 = 90
60 × 8.8 ÷ 8.8 = 60
```

Ìyẹn ni pé ilẹ̀ tí fọ́tò kan gbà jẹ́ 90 mítà ní ìbú, 60 mítà níwájú. Kí ìdá 70 tó lè gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdá 30 nínú 90 ló máa jẹ́ àyè láàárín ìlà ìfò kan sí èkejì, ìyẹn 27 mítà. Níwájú, mítà 15 ni láàárín fọ́tò kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Áàpù ṣírò gbogbo èyí fúnra rẹ̀, ó sì ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Àṣìṣe ibẹ̀ nìyí: láti ibi tí dróònù ti gbéra ni áàpù ti ń ka 60 mítà yẹn. Ìsàlẹ̀ oko ni mo dúró sí. Bí dróònù ṣe ń lọ sápá òkè, kò gbéra sókè sí i, ilẹ̀ ló ń gbéra bọ̀ wá bá a. Orí òkè yẹn fi mítà 25 ga ju ẹsẹ̀ mi lọ, àgbàdo tó ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ sì tún ga tó mítà méjì àtààbọ̀. Ẹ yọ méjèèjì kúrò nínú 60, ó ku 32.5. Ní gíga yẹn, fọ́tò kò gba ju bíi 49 mítà lọ ní ìbú, ṣùgbọ́n mítà 27 ni ìlà ṣì fi jìnnà síra. Ìdá 70 mi ti di bíi 45, ìdá 75 iwájú ti di 54. Lórí ilẹ̀ tó ní ilé àti ọ̀nà, èyí lè ríbi gbà díẹ̀. Lórí àgbàdo, tí ewé kan jọ èkejì bí ìbejì, rárá o.

Ó yẹ kí n ti rí i lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. WebODM ni sọ́fítíwíà tí mo ń lò, ó sì máa ń ṣe ìwé àbájáde kan lẹ́yìn iṣẹ́. Nínú ìwé yẹn, àwòrán kan wà tó ń fi àwọ̀ sọ iye fọ́tò tó rí ibì kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé fún márùn-ún sókè, pupa fún méjì péré. Tèmi tutù minimini ní ìsàlẹ̀, ó pọ́n yòò lókè. N kò ṣí ìwé náà rí. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Kí n tó padà lọ, mo kọ́kọ́ wọn òkè yẹn, ọ̀nà tí mo sì fi wọ̀n ọ́n kò gba owó. Mo gbé dróònù láti ibi tí mo máa ti gbéra, mo fọwọ́ darí rẹ̀ lọ sórí òkè, mo rọra bà á lé ojú ọ̀nà tó mọ́ níbẹ̀, níbi tí ojú mi ṣì ti tó o. Bí ó ṣe balẹ̀, mo ka gíga lójú rìmóòtù: 25. Nọ́ńbà kan péré yẹn ni mo ṣaláìní nígbà àkọ́kọ́. Bí áàpù yín bá lè tẹ̀ lé bí ilẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ ṣì bà á lé òkè lẹ́ẹ̀kan kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Tèmi kò lè ṣe é.

Mo wá gé oko sí méjì, ìlà ìfò sì ń lọ ní gígùn oko, kò gun òkè. Bí ìlà bá ń gun òkè, ìlà kan náà á bẹ̀rẹ̀ ní gíga tó dáa, á parí níbi tí kò dáa, gígé sí méjì kò sì ní wúlò. Apá ìsàlẹ̀, mo fi í sí 60 mítà. Apá òkè, láti ibi kan náà tí mo ti gbéra, mo fi í sí 72. Mo jẹ́ kí ìlà méjì wọnú ara wọn níbi tí apá méjèèjì ti pàdé, nítorí pé láìsí ìyẹn, máàpù méjì tó kọ̀yìn síra ni ẹ máa rí. Ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, òfin kò gbà kí dróònù ga ju 120 mítà lọ, torí náà ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn bí òkè yín bá ga ju tèmi.

Mo tún fún ìlà pọ̀, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́: ìdá 80 ní apá ìsàlẹ̀, bíi ìdá 83 ní apá òkè. Ìlà wá di bíi mítà 18 síra ní apá méjèèjì, fọ́tò di bíi mítà 12 síra. Níbi tó burú jù ní apá kọ̀ọ̀kan, gíga sí orí àgbàdo kò dín sí bíi 45 mítà, fọ́tò sì ń gun ara wọn ní bíi ìdá 73 lọ́nà méjèèjì. Ìdá tó wà níbi tó burú jù ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe èyí tí ẹ kọ sínú áàpù.

Ọ̀rọ̀ eré dróònù tún wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ gbàgbé. Nígbà àkọ́kọ́, mítà 8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo fi fò. Mítà 15 láàárín fọ́tò túmọ̀ sí pé kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ya òmíràn kí ìṣẹ́jú-àáyá méjì tó pé, kámẹ́rà mi kò sì lè yára tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá ti yára tó, ó kàn ń fo fọ́tò kan láìpariwo. Mo ka fọ́tò tó wà lórí káàdì, kò pé iye tó yẹ kó wà. Ìgbà kejì, mo sọ eré di mítà 5, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2.4 láàárín fọ́tò. Iṣẹ́ náà gba bátìrì méjì dípò ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún apá kan, ó sì bọ́ sí i dáadáa pé ibi tí mo gé oko ni mo ti pààrọ̀ bátìrì.

Atẹ́gùn nìkan ni kò sí ìṣirò fún. Ewé àgbàdo tó ń jó nínú fọ́tò kan kò ní sí níbi kan náà nínú èyí tó tẹ̀ lé e, àmì tí sọ́fítíwíà fẹ́ dì mú á sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo dúró títí ewé fi dákẹ́. Ojú ọjọ́ tó ṣú déédéé dáa ju èyí tí ìkùukùu ń bo oòrùn tó tún ń ṣí i lọ.

Kí n tó kúrò lóko, orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo ti rán fọ́tò náà pọ̀ lọ́nà kíákíá, kí n lè mọ̀ bóyá ihò wà nígbà tí dróònù ṣì wà lọ́wọ́ mi:

```
fast-orthophoto: true
feature-quality: low
```

Máàpù rẹ̀ kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ihò kì í fara pamọ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo wá fi èyí ṣe é:

```
feature-quality: high
min-num-features: 20000
orthophoto-resolution: 2
dsm: true
```

Nọ́ńbà 20000 yẹn ń sọ fún un pé kó wá àmì púpọ̀ sí i nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nínú àgbàdo, ọ̀pọ̀ lára àmì tó bá rí ló máa jù nù. Ó ń pẹ́ sí i, ó sì ń jẹ kọ̀ǹpútà. Mo bá a lówùúrọ̀, ó ti parí.

Ìwé àbájáde ni mo kọ́kọ́ ṣí lọ́tẹ̀ yìí, kí n tó wo máàpù. Àwọ̀ ewé ló bo oko láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Pupa tó kù kò ju tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ létí ìta, nítorí pé ibi tí oko ti parí gan-an ni mo ti dá ìlà ìfò dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbàgbé láti fi ìlà kan kún un. Ebè méjì tó kẹ́yìn lọ́hùn-ún ṣì wọ́ díẹ̀.