Kí àgbò Iléyá tó wọlé, ẹ ti sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọ

Tí àgbò bá ti wọ agbo ilé wa, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ àwọn ọmọ létí mọ́. Ìwo ni wọ́n ń wò, wọ́n á sì ti sọ ọ́ lórúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ìtàn Ànọ́bì Ibrahim fún wọn nígbà tí oṣù Súlì-Híjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí á tó lọ ọjà ẹran rárá. Ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn ni Iléyá, nítorí náà àyè wà. Ọmọ tó ti bá àgbò ṣeré kó tó gbọ́ pé a máa pa á, ẹkún ni yóò fi gbọ́ ìyókù.

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀pọ̀ òbí máa ń sáré kọjá, ibẹ̀ gan-an ni èmi máa ń dúró sí. Nínú Àlùkùránì, súrà 37, ẹsẹ̀ 102, Ànọ́bì Ibrahim sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun lá àlá pé òun ń dúńbú rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló rí sí i. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé kí bàbá òun ṣe ohun tí a pa láṣẹ fún un. Ìgbà tí àwọn méjèèjì ti gbà ni Ọlọ́hun fi ẹran rọ́pò rẹ̀. (A kò dárúkọ ọmọ náà níbẹ̀, Ismaila ni ọ̀pọ̀ àáfà sọ pé ó jẹ́.) Àwọn ọmọ máa ń dákẹ́ tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n bi ọmọ léèrè.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á dé. Ọmọ mi obìnrin wò mí lójú: “Màámi, tí Dádì bá lá irú àlá yẹn ńkọ́?” Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ní àlá ànọ́bì nìkan ni àṣẹ Ọlọ́hun, kò sì sí ànọ́bì mìíràn mọ́ lẹ́yìn Ànọ́bì Muhammad. Tí Dádì bá lá irú rẹ̀, àlá burúkú ni. Á jí, á tutọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀, á wá ààbò lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, á sì yí ẹ̀gbẹ́ padà sùn. Ló bá tún ní, “Ṣé Ọlọ́hun ló máa jẹ ẹran náà ni?” Súrà 22, ẹsẹ̀ 37 ló dá a lóhùn: ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun, ìbẹ̀rù Ọlọ́hun tó wà lọ́kàn yín ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa àti àwọn aládùúgbò ló ń jẹ ẹran.

Lọ́jà, iṣẹ́ ni mo máa ń fún wọn. Ọ̀kan á wo ojú àgbò, kó má fọ́. Ọ̀kan á wo ẹsẹ̀, kó má tiro. Èmi á wo bóyá ó ń ṣàìsàn tàbí ó ti rù kan eegun, nítorí ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò jẹ́ kí ẹran yẹ fún Iléyá. Ọmọ mi ọkùnrin ti rí èyí tó ń tiro rí. Ẹlẹ́ran ní ọkọ̀ tó ti sọ̀ kalẹ̀ ló mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú. A ní kó fà á rìn díẹ̀ sí i, ó ṣì ń tiro, a bá wá òmíràn. Ní ti ọjọ́ orí, eyín méjì ńlá níwájú, láàárín àwọn kéékèèké, fi hàn pé ó ti lé lọ́dún kan.

Oúnjẹ ni kí ẹ ṣọ́ wọn sí. Ewé àti èèpo iṣu kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ fẹ́ràn láti máa fi búrẹ́dì, ìrẹsì àti gààrí ṣaájò àlejò. Tí ikùn ẹran bá wú sókè ní apá òsì, tí kò sì jẹ àpọ̀jẹ mọ́, ẹ tètè pe dókítà ẹran.

Lọ́jọ́ Iléyá, a ó ti Yídì dé kí ọ̀bẹ tó jáde, torí èyí tí a bá pa ṣáájú ìrun, ẹran jíjẹ lásán ni. Ọmọ tó bá fẹ́ wò lè dúró. Èyí tí kò fẹ́, kó wá bá mi gé àlùbọ́sà. A kì í pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran, àwọn ọmọ ni mo sì fi ṣe ọlọ́pàá ìyẹn. Wọn kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, kódà lọ́wọ́ bàbá wọn.

Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń pín in: tiwa, ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, ti aláìní. Alápatà á gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀, a kì í fi awọ tàbí ẹran san án. Àwọn ọmọ ló ń gbé abọ́ káàkiri, dé ilé àwọn onígbàgbọ́ tó wà ládùúgbò, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń yan ilé kan fúnra rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń ṣọ́ géètì àdúgbò ni àbíkẹ́yìn mi yàn, itan tí mo ti ń wò fún ọbẹ̀ ló sì gbé lọ fún un.