Bí mo ṣe ń kọ àlọ́ Ìjàpá sínú kàtúùn kí àwọn ọmọdé lè máa gbè é

Tí ẹ bá fẹ́ sọ àlọ́ di kàtúùn, orin inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ. Ohun tí mo kọ́ nìyẹn nídìí ìwé eré tí mo ń kọ fún àwọn ayàwòrán wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ ni màá fi ṣàlàyé, torí ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà.

Ẹ rántí bó ṣe lọ. Yánníbo ń wá ọmọ, babaláwo se àsèjẹ fún un, ó sì kìlọ̀ fún Ìjàpá pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ọbẹ̀ ń ta sánsán lójú ọ̀nà, Ìjàpá jẹ ẹ́, ikùn rẹ̀ sì wú. Ló bá sáré padà lọ bẹ babaláwo pẹ̀lú orin, àwa tí à ń gbọ́ àlọ́ sì ń gbè é pé "Àlùgbinrin". Gbòǹgbò ni Ìjàpá di ẹ̀bi rù nínú orin yẹn.

Tí a bá ń fẹnu pa àlọ́, ohun tí Ìjàpá sọ la gbọ́. Nínú kàtúùn, ojú ọmọ á ti rí ohun tó ṣe. Nítorí náà mo kọ ìran ojú ọ̀nà láìsí ọ̀rọ̀ kankan: Ìjàpá bojú wẹ̀yìn, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìkòkò, ó ti ìka kan bọ̀ ọ́, ó lá a, lẹ́yìn náà ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ sórí itan, ó sì jẹ ẹ́ tán. Kò sí gbòǹgbò kankan nínú àwòrán. Tó bá wá dé iwájú babaláwo, báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

Ìjàpá: Babaláwo, mo padà dé o.
Àwọn ọmọ: Àlùgbinrin!
Ìjàpá: Gbòǹgbò ló gbé mi ṣubú.
Àwọn ọmọ: Àlùgbinrin!
Ìjàpá: Ọbẹ̀ ló ta sí mi lẹ́nu.
Àwọn ọmọ: Àlùgbinrin!
Babaláwo (ó kọjú sí àwọn ọmọ): Ẹ̀yin ọmọ, ṣé gbòǹgbò ni?
Àwọn ọmọ: Rárá o!

Lẹ́yìn èyí, Ìjàpá tún orin náà kọ, ó sì jẹ́wọ́: "Ojúkòkòrò ló mú mi jẹ ẹ́." Ẹ̀kọ́ àlọ́ náà ti jáde lẹ́nu òun àti àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ kí bàbá àgbà kan jáde lẹ́yìn orin kó wá wàásù; mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ọmọ tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "Rárá o" kò nílò rẹ̀ mọ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni àlàfo tí a fi sílẹ̀ fún ègbè. Àgbàlagbà á pe "Àlùgbinrin" láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ọmọdé máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbà á. Ìṣẹ́jú-àáyá 2 ni mo máa ń kọ sílẹ̀. Tí ayàwòrán bá ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, àlàfo yẹn jẹ́ àwòrán 48. Ẹ má jẹ́ kí Ìjàpá gan pa níbẹ̀, torí ọmọ á rò pé fóònù ti há. Kó ṣẹ́jú, kó fi ọwọ́ sí etí, kó máa retí ìdáhùn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, a máa ń gba ohùn ègbè sílẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ. Ní ìgbà kejì a dín in kù. Ní ìgbà kẹta a yọ ọ́ pátápátá. "Ààlọ́ o!" àti "Ààlọ̀!" ti ìbẹ̀rẹ̀ náà ní àlàfo tirẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ̀ pé wọ́n ń bá òun sọ̀rọ̀.

Kí ayàwòrán tó fọwọ́ kan nǹkan, mo máa ń fi àwòrán ṣákálá pẹ̀lú ohùn han àwọn ọmọ àdúgbò lórí fóònù. Ojú wọn ni mo ń wò. Tí wọ́n bá ń wojú ara wọn kí wọ́n tó gbè é, ìlà ti gùn jù. Ìlà bíi "Ọbẹ̀ aládùn tí o fi ẹja àti ẹran sè fún Yánníbo ìyàwó mi" kò lè dúró, torí ọmọ ò mọ ibi tó máa parí sí. Tí wọ́n bá ń gbè é lé olórin lórí, á jẹ́ pé olórin mí láàárín ìlà, wọ́n sì rò pé ó ti tán.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀ mí pé kí babaláwo wo Ìjàpá sàn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, a fi ikùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wú. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìkìlọ̀ babaláwo ní ìran àkọ́kọ́ pé àsèjẹ yìí kò ní ẹ̀rọ̀, kí Ìjàpá sì mi orí pé òun gbọ́. Tí ẹ bá fo ìlà yẹn, àwọn ọmọ á máa bínú sí babaláwo dípò Ìjàpá.