Ẹ má fi túúlu yín díwọ̀n orí fífọ́ ẹlòmíràn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí àbúrò mi ọkùnrin ti kúrò nílé ìwòsàn, etí òsì rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ràn. Èmi ni mo dá a dúró sílé ní odidi òru kan, tí mo ní túúlu ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ní túúlu á mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá a yí. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ló máa ń mú mi, á máa lù kì-kì-kì nídìí ojú ọ̀tún, bí mo bá sì dìde rìn, á tún le sí i. Èébì á máa gbé mi, n kò ní í fẹ́ gbọ́ ariwo, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Nígbà mìíràn, kí orí tó bẹ̀rẹ̀, màá kọ́kọ́ rí ohun kan tó ń kọ mànà wọ́kọwọ̀kọ lójú mi fún bí ogún ìṣẹ́jú. Inú òkùnkùn ni mo máa ń sá sí. Ó lè gba wákàtí mẹ́rin, ó lè gba ọjọ́ mẹ́ta.

Mo tún mọ orí fífọ́ kejì, èyí tí gbogbo àwa tí à ń ránṣọ mọ̀. Bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí mo ti tẹ̀ sórí ẹ̀rọ láti àárọ̀, láti èjìká àti ẹ̀yìn ọrùn ni yóò ti gbéra, á wá dì mọ́ orí yípo bíi gèlè tí wọ́n wé le jù. Ìyẹn kì í lù, kì í mú èébì wá, mo sì lè máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí mo bá jẹun, tí mo na ẹ̀yìn, tí mo lo parasitamọ́ọ̀lù méjì, á lọ. Nítorí pé mo mọ méjèèjì yìí, mo rò pé kò sí orí fífọ́ tí n kò mọ̀ mọ́.

Inú ọyẹ́ ni, ọjọ́ Àlàmísì. Àbúrò mi ti ilé ẹ̀kọ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ní orí ń fọ́ òun, ara rẹ̀ sì gbóná. Ọlọ́ọ̀gùn kan ládùúgbò wa ní Gàá Àkànbí ta oògùn ibà fún un láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìn Màgàríbà, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi pa iná yẹn, ó ń gún mi lójú.” Mo ní háà, túúlu ti dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà. Ìyá wa ní i, èmi náà ní i, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu. Mo fa kọ́tìnnì, mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Kò ju wákàtí kan lọ tí ara rẹ̀ fi rọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀. N kò mọ̀ pé parasitamọ́ọ̀lù lè mú ara tútù nígbà tí àìsàn náà ṣì ń jà nínú.

Nígbà tí Ìṣáì tó, ó dìde láti kírun. Èmi gan-an ni mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí mo ń wò ó. Ó dúró, ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú, orí rẹ̀ kò tẹ̀ lé e. Ọrùn rẹ̀ dúró gangan. Ó kúnlẹ̀ láti foríkanlẹ̀, kò lè ṣe é, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn orí mú. Ó ní òun á jókòó kírun. Mo ní bóyá ó fi ọrùn sùn sódì ni. Ẹ̀yin ará, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi, ẹnu ara mi náà ni mo fi dá ara mi lóhùn. Ẹ má bínú sí mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi rí pé ọrùn ni mo yẹ kí n máa wò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń pè mí ní orúkọ ìyá wa àgbà tó ti kú. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìntì, ará ilé kejì. Ó dá a dùbúlẹ̀, ó fi ọwọ́ sábẹ́ orí rẹ̀ láti gbé e sókè. Dípò kí ọrùn tẹ̀, àyà àti èjìká bá orí dìde bíi pákó, orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ká sókè fúnra wọn. Nọ́ọ̀sì náà kígbe pé, “Ẹ wá kẹ̀kẹ́ báyìí, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fún un ní nǹkan kan mọ́.”

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní yírùnyírùn ni, àwọ̀ tó bo ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn ló wú. Dókítà ti fún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò sínú iṣan kí àyẹ̀wò tó parí, ó ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ló níye lórí. Bọ̀dá wa kan fárígá pé kí wọ́n má fa omi inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fún àyẹ̀wò, pé ó máa ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ìsàlẹ̀ ibi tí okùn náà parí sí ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Omi tó yẹ kó mọ́ lóló rí bíi omi ògì. Wọ́n fún àwa tí a jọ ń sùn nílé náà ní oògùn lò, ó sì lo ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀ kó tó padà wálé.

Ohun tí mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá dá aṣọ ni pé kí wọ́n wo ọrùn. Túúlu lè gún lójú, yírùnyírùn lè gún lójú, méjèèjì lè mú èébì wá, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ nìkan kò yà wọ́n. Bí orí bá ń fọ́, tí ara gbóná, ẹ ní kí ó fi àgbọ̀n kan àyà. Bí kò bá lè ṣe é, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ kátikàti, tàbí oorun tó ń kùn ún kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí ọrùn bá sì rọ̀, tí ara tó kù kò dáa, ẹ má torí ìyẹn jókòó, nítorí ó lè má tíì le. Ọmọ ọwọ́ kì í sábà fi ọrùn hàn, àwùjẹ̀ tó wú, ọmú tí kò mu àti ẹkún tí kò dákẹ́ ni kí ẹ wò. Àyẹ̀wò ibà tó bá jáde pé ibà wà kò ní kí yírùnyírùn má wà pẹ̀lú rẹ̀.

Dókítà yẹn ní ẹni tó ti mọ túúlu rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ náà gbọ́dọ̀ sáré bí ó bá yàtọ̀ sí tàtẹ̀yìnwá: èyí tó dé bíi ààrá, tó le dé òpin láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ọpọlọ, èyí tó mú apá kan rọ, tàbí tó mú ẹnu wọ́, èyí tí gìrì bá wá, èyí tó tẹ̀ lé ìforígbá. Aboyún tó ti lé ní oṣù márùn-ún, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí kò ní i rí, kó má pè é ní túúlu fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ni mo tún ń padà sí, nítorí ọrùn ni mo rí tí n kò mọ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n mú un padà wá fún àyẹ̀wò etí. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí báyìí bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.